Ohun tí Owó Iṣẹ́ Alábòójútó ń Gé Kúrò Lára Àpò Àjọdá Láàárín Ọdún Mẹ́wàá



Ìbéèrè tí ó bí ọ̀rọ̀ yìí

Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti pàdé ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí. Mówè ni mo ń gbé, lójú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Gbogbo ẹni tí ó bá mọ Mówè àti Ìbàfò ni ó mọ irú ènìyàn tí ó pọ̀ jù níbẹ̀: òṣìṣẹ́ tí ń jí lọ sí Èkó ní ìdájí, tí ó sì ń padà ní alẹ́, nítorí pé ilẹ̀ àti ilé kò wọ́n níhìn-ín tó ti Èkó. Bákan náà ni ọ̀ràn rí ní Ifọ̀, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ohun tí púpọ̀ nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ń tìtorí rẹ̀ fi owó pamọ́ ni kí wọ́n lè ra ilẹ̀, kí wọ́n sì kọ́lé sórí rẹ̀.

Olùkọ́ àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ wà ní Ìbàfò, wá bá mi ní ọjọ́ kan pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Ó ti fi mílíọ̀nù kan náírà nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sínú ohun tí àwọn onísòwò owó ń pè ní mútúà fọ́ǹdù. Èmi yóò máa pè é ní àpò àjọdá nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ohun tí ó jẹ́ gan-an nìyẹn: ọ̀pọ̀ ènìyàn dá owó jọ sínú àpò kan, alábòójútó kan sì ń fi owó náà ra ìpín ilé-iṣẹ́ tàbí ìwé gbèsè ìjọba fún gbogbo wọn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ní irú àpò yìí láti ọdún 1924. Ní ilẹ̀ wa, òfin ìdókòwò ti ọdún 2007, àti èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2025, ni ó fi àwọn àpò wọ̀nyí sí abẹ́ àkóso ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò.

Bàbá yìí fi ìka tọ́ ìlà kan nínú ìwé náà, ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé owó iṣẹ́ alábòójútó jẹ́ 2 nínú 100 lọ́dún. Ó ní, "Olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ mọ ìwé ìṣirò. Alájo tí ń gba owó lọ́wọ́ ìyàwó mi ní ọjà Ifọ̀, 1 nínú 30 ni ó ń mú. Tí àwọn èyí kò ju 2 nínú 100 lọ. Ṣé a lè sọ pé ìyẹn pọ̀?"

Ìbéèrè rere ni. Mo sọ fún un pé kí ó fi ìwé náà sílẹ̀ fún mi, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ kò sí lójú ìwé náà rárá. Ẹ jẹ́ kí a jọ wá a.

Bí a ṣe ń mú owó náà

Alájo máa ń mú owó tirẹ̀ ní gbangba. Bí oníbàárà bá dá ẹgbẹ̀rún kan náírà lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ni ó dá. Ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni alájo yóò kà lé e lọ́wọ́. Owó ọjọ́ kan ti lọ, oníbàárà sì rí i bí ó ṣe lọ.

Alábòójútó àpò àjọdá kì í ka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kò sì ń ránni níṣẹ́ pé kí a san owó. Ní ìparí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, wọn a ṣírò iye gbogbo ohun tí ó wà nínú àpò, wọn a yọ gbèsè kúrò, wọn a sì yọ owó iṣẹ́ ọjọ́ náà, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú 365 ti 2 nínú 100. Iye tí ó bá ṣẹ́kù ni wọn yóò pín sí iye ẹyọ tí àwọn olówó ní. Ìyẹn ni iye owó ẹyọ kan tí wọn ń tẹ̀ jáde.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí èyí fà. Iye tí a ń kà nínú ìwé ìròyìn tàbí nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ síni ti jẹ́ iye tí a ti gé. Bí ẹyọ kan bá ti ₦100 di ₦253.77 láàárín ọdún mẹ́wàá, èrè ₦153.77 nìkan ni olówó yóò rí. Iye tí ìbá jẹ́ ká ní a kò gé e kò sí nínú ìwé kankan. Àfi kí a ṣírò rẹ̀.

Ìṣirò náà

Ẹ jẹ́ kí a mú mílíọ̀nù kan náírà, kí a sì sọ pé ohun tí àpò náà ra ń pọ̀ sí i ní 12 nínú 100 lọ́dọọdún, kí a tó yọ owó iṣẹ́. Nọ́ńbà àpẹẹrẹ ni èyí, kí ọ̀nà ìṣirò lè hàn. A óò sì yọ owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní ìparí ọdún, nítorí ìrọ̀rùn. Bí a bá yọ ọ́ lójoojúmọ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré gan-an: nínú náírà kan, 81.87 kọ́bọ̀ ni ìbá ṣẹ́kù lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá dípò 81.71 kọ́bọ̀.

Láìsí owó iṣẹ́, ọdún kọ̀ọ̀kan ń sọ náírà kan di ₦1.12. Bí a bá fi 1.12 lọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, mílíọ̀nù kan di ₦3,105,848. Bí owó iṣẹ́ bá wà, 98 nínú 100 ni ó ń ṣẹ́kù ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, 1.12 lọ́nà 0.98, èyí tí í ṣe 1.0976, ni a óò fi lọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó di ₦2,537,704.

Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ₦568,144. Èyí jẹ́ 18.3 nínú 100 ti iye ìparí, ó sì jẹ́ 27 nínú 100 ti èrè tí owó náà ìbá mú wá. Ẹni tí ó bá gbọ́ "2 nínú 100" kò ní rò ó pé ohun tí ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin èrè òun ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nígbà tí mo fi èyí han Bàbá, ó ní kí n ka owó tí alábòójútó gbà ní ọdún kọ̀ọ̀kan kí òun rí i. Mo ka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mo sì rò wọ́n pọ̀: ₦352,916 péré ni. Ó wo ojú mi, ó ní, "₦568,144 ni ẹ ní mo pàdánù. Ta ni ó wá kó ìyókù?" Kò sí ẹni tí ó kó o. Owó tí a mú ní ọdún kìíní ìbá ti wà nínú àpò fún ọdún mẹ́sàn-án mìíràn, ìbá sì ti máa bí ọmọ. Èyí tí a mú ní ọdún kejì ìbá ti bí ọmọ fún ọdún mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ lọ títí. Àwọn ọmọ tí a kò bí wọ̀nyí ni ₦215,228 tí ó kù. Ìdí nìyí tí kò fi tó láti ro àwọn owó tí a san pọ̀ bí a bá fẹ́ mọ ohun tí owó iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ wa.

Ọdún mẹ́wàá méjì tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́

Ẹnìkan lè sọ pé ọjà kì í lọ gẹ́rẹ́ bí 12 nínú 100 lọ́dọọdún. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọjà Ìpín Ìdókòwò Nàìjíríà. Òṣùwọ̀n kan wà níbẹ̀ tí ń fi bí iye gbogbo ìpín ṣe ń lọ sókè tàbí sódò hàn. Ní ìparí ọdún 2007 ó wà ní 57,990. Lẹ́yìn náà ni ọjà wó ní ọdún 2008. Ní ìparí ọdún 2017, ó wà ní 38,243. Ní ti ọdún mẹ́wàá mìíràn, ó wà ní 34,657 ní ìparí ọdún 2014, ó sì dé 102,926 ní ìparí ọdún 2024.

Ká ní àpò kan wà tí ó tẹ̀ lé òṣùwọ̀n yìí gẹ́lẹ́, tí a kò sì ka èrè tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń pín sí i. Ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́, mílíọ̀nù kan ìbá di ₦659,476 láìsí owó iṣẹ́. Bí a bá gé 2 nínú 100 lọ́dọọdún, ó di ₦538,840. Ní ọdún mẹ́wàá kejì, mílíọ̀nù kan ìbá di ₦2,969,847. Bí a bá gé e, ó di ₦2,426,581.

Èkíní jẹ́ ìgbà àdánù, èkejì jẹ́ ìgbà èrè. Àmọ́ bí ẹ bá pín iye tí a gé sí iye tí a kò gé, ìdáhùn kan náà ni ẹ óò rí nínú méjèèjì: 0.817. Kì í ṣe àkòdì. Bí ọdún kan bá dára, bí òmíràn bá burú, 0.98 lọ́nà 0.98 lẹ́ẹ̀mẹwàá kò yí padà, 0.817 ni. Ohun pàtàkì tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nílé nìyí. Ìdá tí owó iṣẹ́ ń gé kúrò lára iye ìparí kò gbára lé bí ọjà ṣe rí. Iye owó iṣẹ́ àti iye ọdún nìkan ni ó gbára lé. Alábòójútó kò lè ṣèlérí èrè fún wa, ṣùgbọ́n a lè mọ ohun tí a óò gé kí a tó wọlé.

Ẹ tún wò ó pé ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́, kò sí èrè rárá, síbẹ̀ owó iṣẹ́ gbé ₦120,636 lọ. Lára gbogbo owó tí ó wà nínú àpò ni a ti ń mú un, kì í ṣe lára èrè nìkan.

Ẹni tí ń dá owó díẹ̀díẹ̀

Ọ̀ràn ìyàwó Bàbá yàtọ̀. Òun kò ní mílíọ̀nù kan lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá fẹ́, ó lè mú ₦100,000 nínú owó àjo rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, kí ó fi sínú irú àpò yìí fún ọdún mẹ́wàá. Ní 12 nínú 100, láìsí owó iṣẹ́, ìparí rẹ̀ jẹ́ ₦1,965,458. Pẹ̀lú owó iṣẹ́, ó jẹ́ ₦1,729,287. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12 nínú 100 ti iye ìparí, kì í ṣe 18.3. Owó ọdún kìíní nìkan ni ó pàdé owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Owó ọdún kẹwàá pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà ni ẹni tí ń dá owó díẹ̀díẹ̀ kò fi gbọdọ̀ fi ìṣirò ẹni tí ó dá a lẹ́ẹ̀kan wọn tirẹ̀.

Èyí tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ alájo pẹ̀lú. Alájo ń mú 3.3 nínú 100, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń mú un lórí owó kan. Náírà tí a dá ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ kò tún san owó alájo ní oṣù Èrèlé. Nínú àpò àjọdá, náírà kan náà ni ó ń san owó iṣẹ́ lọ́dọọdún. Kí a má ṣe yan alájo jẹ, kí a má sì yìn ín kọjá ààlà: oṣù kan péré ni owó ń lò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì bí ohunkóhun. Ohun tí mo ń sọ ni pé 1 nínú 30 àti 2 nínú 100 kì í ṣe ohun tí a lè gbé ka orí òṣùwọ̀n kan náà, àfi bí a bá kọ́kọ́ béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ni.

Bí a ṣe lè wọ̀n ọ́n láti inú ìwé, àti ibi tí a ti ń ṣì í

Ẹni tí ó bá ní ìwé ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ lè ṣe é fúnra rẹ̀. Kí ó mú ìwé ìṣirò ọdọọdún tí àwọn ayẹ̀wé-owó-wò ti fọwọ́ sí. Kí ó wá owó iṣẹ́ alábòójútó tí a san ní ọdún náà, kí ó sì pín in sí iye tí àpò jẹ́ ní ìdọ́gba láàárín ọdún. Bí owó iṣẹ́ bá jẹ́ mílíọ̀nù 30, tí àpò sì jẹ́ bílíọ̀nù kan ààbọ̀ ní ìdọ́gba, 2 nínú 100 nìyẹn. Kí ó yọ ìdá náà kúrò nínú ẹyọ kan, kí ó kọ 0.98 sílẹ̀ fún ọdún náà. Bí owó iṣẹ́ bá yí padà ní ọdún mìíràn, nọ́ńbà ọdún náà yóò yàtọ̀. Kí ó wá fi nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ́ ara wọn. Bí ó bá pín iye ẹyọ ti òní sí ohun tí ó rí, yóò rí iye tí ẹyọ náà ìbá jẹ́. Ní ti ẹyọ ₦253.77 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, ₦310.58 ni ìbá jẹ́.

Àṣìṣe mẹ́ta ni mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Èkíní ni kí a sọ pé 2 lọ́nà mẹ́wàá jẹ́ 20, nítorí náà 20 nínú 100 ni a gé. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé owó iṣẹ́ ọdún kejì kò tún kan ohun tí a ti gé ní ọdún kìíní. Èkejì ni kí a yọ 2 kúrò nínú 12, kí a sì lo 10. Ìyẹn yóò fún wa ní ₦2,593,742, èyí tí ó fi ₦56,038 ju òótọ́ lọ, nítorí pé owó iṣẹ́ kan owó ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àti èrè rẹ̀ pọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù. Kì í ṣe alábòójútó nìkan ni ó ń jẹ nínú àpò. A ń san owó fún àwọn tí a fi àpò náà sí ìkáwọ́ wọn, fún báńkì tí ń tọ́jú ìwé ìpín, àti fún ayẹ̀wé-owó-wò. Àpò mìíràn a sì máa fún alábòójútó ní ẹ̀bùn bí èrè bá kọjá iye kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 2.6 dípò 2, ohun tí a gé láàárín ọdún mẹ́wàá di 23.2 nínú 100. Ẹni tí ó wo ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé yóò rò pé òun ti parí iṣẹ́. Ọ̀nà àtimọ̀ ni kí a wo àpapọ̀ gbogbo ìnáwó nínú ìwé ìṣirò, kí a má dúró sórí owó alábòójútó nìkan.

Ibi tí ìwọ̀n yìí dé

Ìwọ̀n yìí kò sọ pé alábòójútó kò ṣiṣẹ́. Bí Bàbá bá fẹ́ ra ìpín fúnra rẹ̀, yóò san owó alágbàtà, yóò sì ní láti mọ èyí tí yóò rà. Ohun tí ìwọ̀n náà sọ ni iye tí iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ tó. Kí àpò tí ń gba 2 nínú 100 tó lè fún olówó ní 12, ohun tí alábòójútó rà gbọ́dọ̀ mú 14.3 wá. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi í ni bóyá ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Irú ìbéèrè yìí ni ó mú kí Jọ́ọ̀nù Bógù, ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1976, dá àpò kan sílẹ̀ fún ará ìlú tí kò ṣe ju pé ó tẹ̀ lé òṣùwọ̀n ọjà lọ, kí owó iṣẹ́ lè kéré.

Mo padà sí Ìbàfò pẹ̀lú ìwé Bàbá. Mo ṣe àlàyé ìkẹyìn fún un báyìí. Ká ní ilẹ̀ kan wà tí iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan ní ọjọ́ tí ó fi owó sínú àpò, tí owó rẹ̀ sì ń fi 10 nínú 100 wọ́n sí i lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ₦2,593,742 ni wọn yóò máa tà á. Láìsí owó iṣẹ́, ₦3,105,848 tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ra ilẹ̀ náà, yóò sì ṣẹ́ku ohun tí ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù tí ó lè fi bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé. Pẹ̀lú owó iṣẹ́, ₦2,537,704 ni ó ní, kò sì tó ra ilẹ̀ náà mọ́. Ó fi ₦56,038 dín.

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ka nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní òun kò ní yọ owó òun kúrò lọ́la, nítorí pé òun kò tíì mọ ibi tí ó dára ju ibẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ní òun yóò kọ̀wé béèrè àpapọ̀ gbogbo ìnáwó àpò náà fún ọdún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, òun yóò sì fi wọ́n lọ́ ara wọn bí mo ṣe fi hàn án. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó mú èsì wọn wá fún mi bí ó bá dé.